Ìdánwò Tó Ń Yege Lójoojúmọ́: Ta Ló Dán Òun Náà Wò?

Níbi tí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ojú lásán kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Ẹni tó kọ kóòdù yóò tún kọ kóòdù kékeré mìíràn tì í, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa da ìbéèrè bo ti àkọ́kọ́: bí mo bá fún ọ ní iye báyìí, kí ni wàá dá padà fún mi? Bí èsì bá bá ohun tí à ń retí mu, àwọ̀ ewé ni yóò hàn lójú ẹ̀rọ. Bí kò bá bá a mu, pupa ni. Àwọn kóòdù oníbèéèrè yìí là ń pè ní ìdánwò. Ètò ńlá lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kí gbogbo wọn sì máa yọ àwọ̀ ewé láràárọ̀. Àmọ́ bí ẹnìkan bá ṣèèṣì ba nǹkan jẹ́ nínú ètò náà lónìí, ṣé wọn yóò rí i?

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù náà jẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ìdánwò kan yóò pariwo. Àwọn oníṣẹ́ ń pe ètò yìí ní míútéṣọ̀n tẹ́sítìn, wọ́n sì ń pe ẹ̀dà kóòdù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bà jẹ́ ní míútáǹtì.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń fi fóònù ránṣẹ́ owó ní Nàìjíríà mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí owó iṣẹ́ lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ wà ní ìpele mẹ́ta. Bí àwọn báńkì ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà nìyí: bí owó náà kò bá kọjá 5,000 náírà, 10 náírà ni, láti 5,001 títí dé 50,000, 25 náírà, èyí tó bá ju 50,000 lọ, 50 náírà. Bí a bá kọ òfin yìí ní èdè Python, kò ju báyìí lọ:

```python
def owo_ise(iye):
    if iye <= 5000:
        return 10
    if iye <= 50000:
        return 25
    return 50
```

Ẹni tó kọ ọ́ wá kọ ìdánwò tì í, ó mú iye kan láti inú ìpele kọ̀ọ̀kan:

```python
def test_owo_ise():
    assert owo_ise(2000) == 10
    assert owo_ise(20000) == 25
    assert owo_ise(80000) == 50
```

Ó ṣe é, gbogbo rẹ̀ yege. Ẹ̀rọ tún wọ̀n ọ́n fún un, ó ní ìdánwò rẹ̀ gba orí gbogbo ìlà kóòdù náà kọjá, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní kọ́fírééjì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ jáde.

Ohun tí kọ́fírééjì ń kà ni pé ìdánwò dé ibẹ̀. Kò ka ohun tó rí níbẹ̀. Ọdẹ àdúgbò lè rìn gbogbo òpópónà já lóru, kó máa fọn fèrè lọ, kó sì kọjá lára olè láì rí i. Bí a bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ yọ `assert` kúrò nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òkè yẹn, kí ẹ sì pa ohun tí à ń retí níparí ìlà rẹ́, kó ku pípe `owo_ise` nìkan. Ìdánwò náà kò béèrè ohunkóhun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kọ́fírééjì kò kúrò ní ọgọ́rùn-ún.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé ibì kan ṣoṣo la ó fọwọ́ kàn nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ̀dà kìíní, a sọ `<= 5000` di `< 5000`. A tún ìdánwò ṣe. 2,000 ṣì kéré sí 5,000, nítorí náà 10 náírà ló jáde; 20,000 àti 80,000 kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀. Míútáǹtì yìí yè é.

Nínú ẹ̀dà kejì, a sọ `return 25` di `return 26`. Ìdánwò tó ń béèrè nípa 20,000 retí 25, ó rí 26, ojú ẹ̀rọ sì pọ́n. Míútáǹtì yìí kú.

Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, a ó rí méje ṣe nínú kóòdù kékeré yìí: `<=` méjèèjì di `<`, 5000 di 5001, 50000 di 50001, owó iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi ẹyọ kan lé sí i. Mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí kú. Mẹ́rin yòókù yè. Ìdánwò tí kọ́fírééjì fún ní ọgọ́rùn-ún, mẹ́ta péré ló rí nínú àṣìṣe méje, nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún.

Iye yẹn nìkan kọ́ ló yẹ ká wò, ẹ wo ibi tí àwọn mẹ́rin tó yè wà. Ẹnu ààlà ni gbogbo wọn wà, ní 5,000 àti 50,000. Ta ló ń fi 2,347 náírà ránṣẹ́? Owó gbáko làwa ènìyàn máa ń fi ránṣẹ́: ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún ọmọ nílé ìwé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta fún ìyá nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì tẹ `<` dípò `<=`, gbogbo ẹni tó fi 5,000 ránṣẹ́ ni wọn yóò gba 25 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ dípò 10, tí ìdánwò yóò sì máa sọ pé àlàáfíà ni. Ibi tí àwọn oníbàárà pọ̀ sí jù gan-an ni ìdánwò náà kò wò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Míútáǹtì tó yè ti fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ìdánwò tó sọnù:

```python
    assert owo_ise(5000) == 10
    assert owo_ise(5001) == 25
    assert owo_ise(50000) == 25
    assert owo_ise(50001) == 50
```

Ìlà kìíní pa ẹ̀dà tó ní `< 5000`, ìkejì pa èyí tó ní 5001. Méjì tó kẹ́yìn ṣe bákan náà sí àwọn ti ẹnu ààlà kejì. Méjèèje ti kú. Kọ́fírééjì kò kúrò níbi tó wà látìbẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún náà ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni àṣìṣe kékeré báwọ̀nyí já mọ́, nígbà tó jẹ́ pé àṣìṣe ńlá ló ń da ilé iṣẹ́ rú. Ìbéèrè náà ti pẹ́. Ní 1971 ni Richard Lipton, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti dá àbá iṣẹ́ yìí. Ní 1978, òun àti Richard DeMillo pẹ̀lú Frederick Sayward kọ àpilẹ̀kọ tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì gbé e lé èrò méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í kọ ohun tó jìnnà réré sí èyí tó tọ́; ó máa ń kù díẹ̀ ni, àmì kan tàbí iye kan. Èkejì ni pé àṣìṣe ńlá sábà máa ń jẹ́ àkópọ̀ àwọn kéékèèké, débi pé ìdánwò tó lè rí kékeré yóò rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ńlá pẹ̀lú.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ba kóòdù jẹ́ bí a ti ṣe yìí. Àwọn tó ń lo Java ní PIT, àwọn tó ń lo JavaScript ní Stryker, àwọn tó ń lo Python sì ní mutmut. Ẹ tẹ `mutmut run`, yóò máa ṣe ẹ̀dà, yóò máa dán wọn wò. Ẹ tẹ `mutmut results`, yóò ka àwọn tó yè fún yín.

Ohun tó ń ni àwọn oníṣẹ́ lára ni àkókò. Ká ní gbogbo ìdánwò ètò kan ń gba ìṣẹ́jú méjì, tí ẹ̀dà sì jẹ́ 1,000. Bí a bá ṣe gbogbo ìdánwò lórí gbogbo ẹ̀dà, yóò gba 2,000 ìṣẹ́jú, ó lé ní wákàtí 33. Ìdí nìyí tí àwọn irinṣẹ́ tó dáa fi máa ń ṣe kìkì ìdánwò tó kan ìlà tí wọ́n yí, tí wọ́n sì máa ń dúró gbàrà tí ọ̀kan bá ti pọ́n, nítorí pé a kì í pa òkú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ẹnjiníà Google ṣàlàyé nínú ìwé kan tí wọ́n gbé jáde ní 2018 pé àwọn ìlà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nìkan làwọn ń ṣe é lórí wọn, kí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò lè rí àwọn tó yè níwájú rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Ìṣòro kan tún wà tí owó àti ẹ̀rọ ńlá kò lè yanjú. Ká ní ẹni tó kọ kóòdù wa kọ ìlà kejì báyìí:

```python
    if iye > 5000 and iye <= 50000:
```

Irinṣẹ́ yóò sọ `>` di `>=`. Ṣùgbọ́n 5,000 kò lè dé ìlà yìí láé, torí pé ìlà àkọ́kọ́ ti dá a lóhùn tó sì ti lé e padà. Ẹ̀dà yìí àti ojúlówó jọra pátápátá nínú ìṣe wọn, kò sì sí ìdánwò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá gbogbo irú èyí mọ̀. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó wò ó. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá ní dandan gbogbo míútáǹtì gbọ́dọ̀ kú ń rán àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ lépa òjìji.

Kóòdù tó wà nílẹ̀ nìkan sì ni a lè bà jẹ́. Finance Act ọdún 2020 gbé 50 náírà mìíràn ka orí owó tó bá tó 10,000 náírà sókè tí a fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Bí ó bá yẹ kí `owo_ise` ṣírò owó yẹn mọ́ ọn, tí ẹni tó kọ ọ́ sì gbàgbé, kò sí ìlà tí a ó yí, kò sì sí míútáǹtì tí yóò yè láti ta wá lólobó. Méje lórí méje ni a ó rí, ìṣirò yóò sì máa kù.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ti kọ ìdánwò fún 5,000 àti 5,001 nítorí míútáǹtì ti dé etí ibi tí ìbéèrè gidi wà. Kí ni owó iṣẹ́ lórí 5,000 náírà àti 50 kọ́bọ̀? Kóòdù wa yóò gba 25 náírà, ṣùgbọ́n ìpele àkọ́kọ́ parí sí 5,000, ìkejì sì bẹ̀rẹ̀ láti 5,001. Irinṣẹ́ kò mọ èyí tó tọ́, ẹni tó kọ kóòdù náà kò sì gbọ́dọ̀ mú un láti inú orí ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bójú tó òfin owó iṣẹ́ ní báńkì ni yóò lọ, yóò béèrè, yóò sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò kẹjọ.