Bí A Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ Ọ̀sẹ̀ Ní Ilé Oúnjẹ Láìrẹ́ Ẹnikẹ́ni Jẹ

Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, orí ni ọ̀gá fi ń pín iṣẹ́. Alẹ́ Sátidé ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pe èyí, tí yóò máa pe tọ̀hún, kó tó mọ ẹni tí yóò wá lọ́jọ́ Àìkú. Iṣẹ́ tó le jù a máa já lé ẹni tí kò lè sọ pé òun kò wá, ẹni tó sì lẹ́nu a máa mú ọjọ́ tó wù ú. Kò ní pẹ́ tí ẹni jẹ́jẹ́ náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òṣìṣẹ́ mìíràn. Ìwé kan tí gbogbo ènìyàn lè rí ló lè tán ìṣòro yìí, bí a bá mọ bí a ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé oúnjẹ alámàlà kan ní Ìbàdàn bí àpẹẹrẹ. Ó ń ṣí ní aago 10 àárọ̀, ó ń tì ní aago 8 alẹ́. Àwọn alásè ní ètò tiwọn. Àwọn 8 tó ń bu oúnjẹ, tí wọ́n ń gbé e fún oníbàárà, tí wọ́n sì ń fọ abọ́, pátáìmù ni gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ wà, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán náà wà.

Kí ọ̀gá tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, oníbàárà ni kó kọ́kọ́ kà. Kí ẹni tó ń gba owó máa fa ìlà kan sínú ìwé fún abọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, ní wákàtí wákàtí, fún ọ̀sẹ̀ 4 gbáko. Ọ̀sẹ̀ kan kò tó, torí bí ènìyàn ṣe ń jẹun nígbà tí owó oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń jẹun ní àárín oṣù. Kó máa sàmì sí àwọn tó wọlé, tí wọ́n rí èrò, tí wọ́n sì yí padà pẹ̀lú. Bí a bá ka abọ́ tó jáde nìkan, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò tó yóò dà bí ọjọ́ tí oníbàárà kò pọ̀.

Ká ní ìwé náà fi hàn pé láàárín aago 12 sí aago 4, abọ́ 40 ló ń jáde ní wákàtí kan lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Sátidé tí èrò wà lóde ìnáwó. Ó ń di 60 láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú ló ń dé 80. Bí ẹnì kan bá lè bójú tó abọ́ 20 ní wákàtí kan láìsáré, ènìyàn 2, 3 tàbí 4 la nílò lọ́sàn-án, bí ọjọ́ bá ṣe rí. Láàárọ̀, láti aago 9 sí aago 12, ènìyàn 2 tó láti gbálẹ̀ kí wọ́n sì bójú tó àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ènìyàn 2 náà la nílò láti aago 4 títí di ìgbà tí a ó ti ilẹ̀kùn, torí kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo dá ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, wákàtí 182 ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú ló le jù láti tò, nítorí náà àwọn ni ká kọ́kọ́ tò. Kí ọ̀gá bi olúkúlùkù léèrè ìgbà tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó má ṣe fi orúkọ ènìyàn méfò. Lọ́jọ́ Ẹtì, èrò kì í kún àfi bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán. Kí ló dé tí ènìyàn 4 yóò fi dúró láti aago 12? Kí àwọn 2 bẹ̀rẹ̀ ní aago 12, kí àwọn 2 yòókù wọlé ní aago 2 ààbọ̀ kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ di aago 6 ààbọ̀. Wákàtí 4 ni ti olúkúlùkù síbẹ̀. Àwọn tó lọ kírun kò pàdánù iṣẹ́, ọwọ́ sì pé nígbà tí èrò dé. Ṣùgbọ́n ká má ṣe gé iṣẹ́ kúrú débi pé owó ọkọ̀ yóò jẹ nínú owó tí ènìyàn wá gbà tán.

Ó wá ku bí a ó ṣe pín wákàtí. Ìka ò dọ́gba, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ́ náà kò dọ́gba. Ká ní àwọn 4 fẹ́ wákàtí 32 lọ́sẹ̀, àwọn 2 fẹ́ 24, àwọn 2 tó kù fẹ́ 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 208, bẹ́ẹ̀ 182 la ní. Bí a bá fún gbogbo wọn ní iye kan náà, ẹni tó fẹ́ 16 yóò gba iṣẹ́ tí kò lè ṣe, ìyà yóò sì jẹ ẹni tó fẹ́ 32. Ohun tó tọ́ ni kí gbogbo wọn fara mọ́ àdínkù náà ní ìwọ̀n kan: kí olúkúlùkù gba ìdá méje nínú ìdá mẹ́jọ ohun tó béèrè. Ẹni tó fẹ́ 32 yóò gba 28, ẹni tó fẹ́ 24 yóò gba 21, ẹni tó fẹ́ 16 yóò gba 14. Bí iye náà bá yẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ká dí i lọ́sẹ̀ kejì.

Wákàtí nìkan kọ́ là ń pín. Wákàtí 4 tí ènìyàn fi ń fọ ìkòkò, tó fi ń nu ilẹ̀, tó sì fi ń wá ọkọ̀ lóru kò rí bí wákàtí 4 tọ̀sán. Nítorí náà, ká ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún iye ìgbà tí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn. Ènìyàn 2 lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 jẹ́ ìgbà 56. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 28 lọ́sẹ̀ yóò ṣe é nígbà 8 tàbí 9, ẹni wákàtí 14 yóò ṣe é nígbà 4 tàbí 5. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe fún ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ kan lè dà bí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ 4 bá pé tí iye náà bára mu, kò sẹ́ni tí yóò ní àròyé.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 1974 náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí 24 tó so pọ̀ láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tí a bá so iṣẹ́ ọ̀sán mọ́ ti alẹ́ fún gbọ́dọ̀ rí àkókò jókòó jẹun.

Kí ìwé náà wà lára ògiri ìdáná, kó sì ti dé orí wásáàpù láti Ọjọ́rú fún ọ̀sẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹni méjì bá fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sọ fún ọ̀gá ṣáájú, kí a sì ka títi ilẹ̀kùn náà fún ẹni tó ṣe é gan-an. Bí gbogbo ènìyàn bá ń wá ẹni tí yóò bá wọn pààrọ̀ iṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ yẹn ló wúwo jù, ìwé ló sì yẹ ká tún ṣe.

Kò sí ìwé tó lè sọ ọjọ́ tí òjò yóò lé oníbàárà sílé. Bí ọjà kò bá yá, kí ọ̀gá má ṣe lé ẹni tó ti wọkọ̀ wá padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá ló ń jẹ èrè ọjọ́ tí èrò pọ̀. Òun náà ló yẹ kó ru àdánù ọjọ́ tí èrò kò wá.