Àgbàlagbà tí kò lè dìde dúró: orúnkún la fi ń mọ bó ṣe ga tó

Bí wọ́n bá gbé bàbá tàbí màmá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ dé ọsibítù, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì bi àwọn ọmọ pé, "Báwo ni Màmá ṣe ga tó?" Àwọn ọmọ á máa wo ojú ara wọn. Ọ̀kan á ní Màmá ga díẹ̀, èkejì á ní wọn ò ga ju òun lọ. Ẹ̀kẹta á sọ iye tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù tí Màmá gbà láti ogún ọdún sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì á kọ ọ̀kan nínú rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ lórí iye tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ìwé kíkún lásán o. Bí a bá ní Màmá wọn kílò 41, iye yẹn nìkan kò sọ nǹkan kan fún dókítà. Kílò 41 lè tó fún obìnrin kúkurú, kó sì jẹ́ ẹ̀rí ebi lára ẹni tó ga. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi gíga ẹni náà ní mítà pín kílò rẹ̀, wọ́n á tún fi gíga yẹn kan náà pín èyí tó jáde. Bí ìdáhùn bá kéré sí 18.5, àgbàlagbà náà ti rù jù. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í tilẹ̀ dúró dìgbà tó bá dé ibẹ̀ kí wọ́n tó máa ṣàníyàn nípa ẹni tó ti darúgbó. Orí ìṣirò yìí ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kà, pàápàá fún ẹni tó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n kì bọ imú ló fi ń jẹun, tí kò lè sọ pé ebi ń pa òun.

Àwọn kan máa ń na téèpù aránṣọ láti orí dé ẹsẹ̀ aláìsàn lórí ibùsùn. Ìyẹn kì í gún régé, nítorí ẹ̀yìn á ti tẹ̀, orúnkún á ti ká díẹ̀, orí á sì wà lórí ìrọ̀rí. Iye inú páásípọ́ọ̀tù náà kò ṣeé gbára lé, torí bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ń fẹ́lẹ́, tí eegun náà fúnra rẹ̀ sì lè rún wọlé. Ibi tí àgbàlagbà ti ń kúrú nìyẹn. Ṣùgbọ́n eegun ojúgun kì í kúrú bẹ́ẹ̀. Bó ṣe gùn nígbà tí èèyàn wà ní ọ̀dọ́ náà ló ṣì máa ń gùn lọ́jọ́ ogbó.

Ohun tí Ọ̀mọ̀wé Chumlea àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lò nìyẹn lọ́dún 1985, nígbà tí wọ́n gbé ìṣirò jáde tó ń fi gígùn orúnkún àti ọjọ́ orí mọ gíga ẹni tó wà láàárín 60 sí 90 ọdún. Lọ́dún 1998, wọ́n ṣe òmíràn, wọ́n sì ya ti àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ́tọ̀. Èyí tí a ó lò níbí nìyẹn.

Nínú wíwọ̀n náà gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹni méjì ló dára kó ṣe é, kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú, kí èkejì wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí Màmá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn lò, àmọ́ bó bá jẹ́ òun ni àrùn mú, ẹ lo ọ̀tún. Ẹ rọra ká orúnkún náà títí itan àti ojúgun á fi ṣe igun bí igun tábìlì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì ṣe irú igun yẹn pẹ̀lú ojúgun. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò ní ọsibítù jẹ́ ọ̀pá gígùn tó ní nọ́ńbà lára, tó sì ní ọwọ́ pẹlẹbẹ méjì. Ọ̀kan kì í kúrò lójú kan, èkejì ń rìn lórí ọ̀pá. Wọ́n á fi èyí tí kì í rìn sábẹ́ gìgísẹ̀, wọ́n á gbé èkejì lé orí itan, ní bíi ìka méjì sókè sí eegun róbótó ojú orúnkún. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun kọjá lọ́gbọọgba, kó sì gba orí kókósẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹran ara lè fún, wọ́n á sì ka iye rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ yàtọ̀, ẹ tún un ṣe. Ní ilé tí kò sí ọ̀pá yìí, ẹ lè fi ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ti gìgísẹ̀, kí ẹ gbé òmíràn lé itan, kí ẹ sì wọn àárín wọn, àmọ́ kí nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n bó bá dé.

Ẹ jẹ́ ká fi màmá ẹni 80 ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ 48.8, èkejì jẹ́ 49.2. Àárín wọn jẹ́ 49. Ìṣirò tí a ń lò nìyí, sẹ̀ntímítà ni gbogbo rẹ̀:

Obìnrin: gíga = 89.58 + (1.61 × orúnkún) − (0.17 × ọjọ́ orí)
Ọkùnrin: gíga = 79.69 + (1.85 × orúnkún) − (0.14 × ọjọ́ orí)

Fún màmá wa yìí, 1.61 lọ́nà 49 jẹ́ 78.89. Bí a bá fi kún 89.58, ó di 168.47. A ó yọ 0.17 lọ́nà 80, ìyẹn 13.6, ó ku nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 155. Ọjọ́ orí tí a ń yọ yẹn ló dúró fún kíkúrú ẹ̀yìn. Láti mọ kílò rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ gun òṣùwọ̀n, ó jẹ́ 74. Ó gbé Màmá, ó tún gun ún, ó di 115. Màmá jẹ́ 41. Kí ẹ má dán èyí wò bí dókítà kò bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé aláìsàn náà.

Bí a bá wá fi 1.55 pín 41 lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ 17.1. Ó rù jù. Téèpù tí wọ́n nà lórí ibùsùn ti sọ pé Màmá ga ní 143, ìyẹn ni ìṣirò fi jáde sí 20, tí gbogbo èèyàn fi rò pé oúnjẹ ń tó o. Ìyàtọ̀ tó ń pa ara mọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀ ìṣirò orúnkún kì í ṣe àwòyanu. Nínú ẹni mẹ́ta, bí ẹni méjì ni gíga rẹ̀ gan-an á wà láàárín bíi sẹ̀ntímítà mẹ́rin sókè tàbí sílẹ̀ sí ohun tó bá jáde. Fún màmá yìí, 151 sí 159 nìyẹn, ìdáhùn sì wà láàárín 16 sí 18. Ìhà méjèèjì ló wà lábẹ́ 18.5, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Bó bá jẹ́ pé ìdáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òun nìkan ṣèpinnu. Ara àwọn ará Amẹ́ríkà sì ni wọ́n ti rí iye inú ìṣirò náà. Ẹsẹ̀ tiwa lè gùn tàbí kó kúrú ju tiwọn lọ.

Ẹsẹ̀ tó wú ń ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹ fi ìka tẹ ojúgun, bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé tí kò tètè padà, omi wà níbẹ̀, omi yẹn a sì tún máa fi kún kílò débi tí rírù kò fi ní hàn. Ẹsẹ̀ tó ti kán rí, tàbí tó ká kò tí kò ṣeé nà, kò dára fún èyí. Ẹ lo èkejì, bí méjèèjì ò bá sì ṣeé lò, àwọn nọ́ọ̀sì lè wọn eegun apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́, òun náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ téèpù dáadáa: bí ẹ bá ka ojú ínṣì dípò sẹ̀ntímítà, 49 á di 19, ìṣirò á sì sọ pé Màmá ga ní 107, bí ọmọ kékeré.

Ìwọ̀n orúnkún kì í yí padà kíákíá, nítorí náà kò sí ìdí láti máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù bíi kílò. Ẹ kọ iye rẹ̀ sára káàdì Màmá, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n àti ẹsẹ̀ tí ẹ lò, òsì tàbí ọ̀tún.