Fóònù Ní "Sent", Ṣùgbọ́n Lẹ́tà Ò Dé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí ti ná ọ̀kan nínú wa lówó. Ó ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀n fẹ́ àdìrẹ 40 fún aṣọ ẹbí, ó sì ní kó fi iye owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun nípa ímeèlì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá yìí kọ ọ́, fóònù rẹ̀ sì kọ "Sent" sí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́tà náà padà wá bá a, wọ́n ní kò ríbi wọlé. Oníbàárà ti ra aṣọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó rò pé ìyá yìí kò ka òun sí ni.

Ṣé fóònù purọ́ ni? Rárá o. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ká wo ibi tó ti há.

Ká ní àdírẹ́sì ìyá yìí ni aladire@osogbo.example, kí ti oníbàárà jẹ́ onibara@london.example. Àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ má kọ lẹ́tà síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn @ dà bí orúkọ ìlú, èyí tó wà níwájú rẹ̀ sì ni orúkọ ẹni tó ń gbé ìlú náà.

Lẹ́tà kì í fò láti inú fóònù kan bọ́ sínú òmíràn. Ilé iṣẹ́ tó fún ìyá yìí ní àdírẹ́sì ní kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn, tó ń gba lẹ́tà, tó sì ń fi í ránṣẹ́. Sáfà ni à ń pè é. Ibẹ̀ ni fóònù kọ́kọ́ gbé lẹ́tà lọ. Fóònù á sọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, sáfà á yẹ̀ ẹ́ wò, á gba lẹ́tà, á wá dáhùn pé 250. Nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé "mo ti gbà á, ó di ọwọ́ mi." Bí fóònù bá ti gbọ́ 250 yìí ló máa ń kọ "Sent". Ó dà bí ìgbà tí ẹ gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì, tó ní òun ti gbà á. Ẹrù ṣì wà ní gáréèjì!

Sáfà ìyá yìí wá wo orúkọ ìlú tó wà lẹ́yìn @. Kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó bi DNS léèrè, ìyẹn ìwé àdírẹ́sì ńlá ti íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ta ló ń gba lẹ́tà fún london.example? DNS ní ìlà kan fún ìbéèrè yìí, MX ni wọ́n ń pè é, òun ló ń dárúkọ sáfà tó yẹ ká lọ bá. Sáfà wa gba ibẹ̀ lọ. Àwọn sáfà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀ ní èdè kan tó ń jẹ́ SMTP, èdè tí wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1982. Bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa ń rí:

```
MAIL FROM:<aladire@osogbo.example>
250 OK
RCPT TO:<onibara@london.example>
250 OK
DATA
354 Go ahead
Subject: Iye owo adire 40

(lẹ́tà fúnra rẹ̀)
.
250 OK
```

Sáfà oníbàárà ló ń sọ àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ti ìyá aládìrẹ ló ń sọ ìyókù. Àmì kan ṣoṣo tó dá dúró lórí ìlà yẹn ló ń sọ pé lẹ́tà ti parí. Ẹ wo ìlà MAIL FROM àti RCPT TO dáadáa: ẹ̀yìn àpò lẹ́tà nìyẹn. Ohun tó bá wà lẹ́yìn DATA ni ìwé tó wà nínú àpò. Orúkọ olùfiránṣẹ́ tí ẹ ń rí lójú fóònù, inú ìwé ló ti wá, kì í ṣe ara àpò. Àwọn sáfà òde òní máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, síbẹ̀ àwọn gbájú-ẹ̀ ṣì ń rí ọ̀nà gbà. Bí lẹ́tà oníbàárà yín bá dédé mú nọ́ńbà àkáǹtì tuntun wá, ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó yá, níbo ni lẹ́tà ìyá wa ti há? Nígbà tí sáfà rẹ̀ sọ RCPT TO, èsì tó gbà nìyí:

```
452 4.2.2 Mailbox full
```

Àpótí oníbàárà ti kún. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú èsì ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá jẹ́ 2, ó ti gbà á. Tó bá jẹ́ 4, ó ní "ẹ lọ ná, ẹ padà wá." Tó bá jẹ́ 5, ó ti kọ̀ ọ́ pátápátá, bí 550 tó máa ń jáde tẹ́ ẹ bá ṣi orúkọ kọ. Tí 5 bá jáde, lẹ́tà máa ń padà wálé lójú ẹsẹ̀. 4 ló máa ń fọkàn ẹni sókè, torí sáfà yín kò ní jọ̀wọ́ lẹ́tà náà, á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa padà lọ kan ilẹ̀kùn léraléra. Ọ̀pọ̀ sáfà máa ń ṣe é fún ọjọ́ 4 tàbí 5 kó tó sú wọn. Ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta, ẹ kà á.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, sáfà ìyá yìí ti kọ̀wé sí i pé lẹ́tà rẹ̀ ò tíì wọlé. Orúkọ tó wà lórí ìwé náà ni Mailer-Daemon. Ó rí "Daemon", ó ní Ẹlẹ́dàá òun má jẹ̀ẹ́, ó pa á rẹ́. Kò burú tí ẹ bá ń fura, torí èké rẹ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n ojúlówó máa ń dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ kọ̀wé sí gan-an pẹ̀lú nọ́ńbà èsì, kì í sì í béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ká ní ó kà á ni, ì bá ti pe oníbàárà lọ́jọ́ náà.

Oníbàárà náà yarí nígbà tó gbọ́. Ó ní fóònù tuntun ni òun ń lò, báwo ni àpótí ṣe máa kún? Ibi tí IMAP ti wọlé nìyí. Iṣẹ́ SMTP parí nígbà tí sáfà Lọ́ńdọ̀n bá ti gba lẹ́tà. IMAP ni èdè tí fóònù fi ń lọ wo lẹ́tà nínú àpótí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ INBOX. Inú sáfà ni àpótí yẹn wà, kò sí nínú fóònù. Fóònù dà bí fèrèsé tí ẹ ń gbà wo inú ṣọ́ọ̀bù: tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fèrèsé, ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù ò dín. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tẹ́ ẹ kà lórí fóònù ṣe máa ń hàn bíi kíkà lórí kọ̀ǹpútà, tí èyí tẹ́ ẹ sì parẹ́ níhìn-ín ṣe máa ń parẹ́ lọ́hùn-ún. Fọ́tò àríyá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníbàárà yìí ló kún ibẹ̀. Èyí tó ti parẹ́ pàápàá ṣì ń gba àyè nínú Trash, àfi ìgbà tó dà á nù.

Ohun kan ṣì wà tí olùfiránṣẹ́ ò lè rí. Sáfà lè gba lẹ́tà, kó sọ pé 250, kó wá gbé e sínú Spam dípò INBOX. Kò ní sí ìwé ìkìlọ̀ kankan. Tí lẹ́tà yín ò bá padà wá, tí èsì ò sì wá, ẹ ní kí oníbàárà wo Spam.

Oníbàárà da Trash nù lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá wa tún lẹ́tà náà fi ránṣẹ́, kò sì pé ìṣẹ́jú kan tó fi wọlé. Aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀.