Ọ̀rọ̀ Olùdarí

Ìṣẹ́jú 12 péré ni fíìmù tí mo ṣe nípa ìyá àgbà mi, aládìrẹ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn àjọ̀dún fíìmù láti orí FilmFreeway, mo kọ ìtàn inú rẹ̀ ní ṣókí, mo kọ díẹ̀ nípa ara mi, gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ní wákàtí kan. Àpótí kan ló wá dá mi dúró: Director Statement. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nídìí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ olùdarí ni mo ń pè é. Kì í gùn. Ọ̀rọ̀ 150 sí 300 ti tó o. Àwọn tó ń yan fíìmù lè kà á kí wọ́n tó wò ó tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán. Bí wọ́n bá yan fíìmù náà, ó lè bọ́ sínú ìwé ètò àjọ̀dún, ẹni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè lórí pèpéle náà sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni ìdí tí o fi ṣe fíìmù yìí, ìdí tí o fi yà á bí o ṣe yà á, àti ohun tó kàn ọ́ nínú rẹ̀. Kò lè gba fíìmù tí kò dára là, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ìtàn ni mo tún sọ: ìyá arúgbó kan jí, ó po ẹ̀kọ, ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ, ó rì í sínú ìkòkò aró. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń to fíìmù pọ̀ kà á, ó ní, "Èyí ti wà nínú àpótí òkè. Ìwọ fúnra rẹ dà?"

Mo tún un kọ. Mo kó àṣà wa tó ń kú lọ jọ, mo kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò bìkítà mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ bo orúkọ fíìmù náà, ó ní kí n sọ fíìmù àṣà tí ọ̀rọ̀ yẹn kò ní bá mu. N kò rí ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ. Kí ló dé tí kámẹ́rà mi fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò sì mira? Mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé yàrá ló há. Irọ́ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 7, orí àpótí kékeré ni wọ́n máa ń fi mí sí lẹ́bàá ìkòkò. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí n máa wò nìkan ni. Ibi tí ojú mi wà nígbà náà ni mo gbé kámẹ́rà sí láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tó ń jáde nínú aró. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀ bó ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ ló máa ń sọ ọ́ di búlúù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé Màmá ti ba aṣọ jẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gé ibẹ̀ rárá nínú fíìmù: mo fẹ́ kí ẹni tó ń wò ó kọ́kọ́ bẹ̀rù bí mo ṣe bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ nípa ara mi àti ọ̀rọ̀ nípa bí mo ṣe ya fíìmù wá di gbólóhùn kan náà. Mo tún yọ ìjà èmi àti bàbá mi kúrò nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni, nítorí kò sí ibi tó hàn nínú fíìmù.

Àṣìṣe kan ṣẹ́ kù. Mo kọ ọ́ pé kámẹ́rà kò mira láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ńkọ́?" Ó gbá mi mú. Ẹni tó bá wo fíìmù náà á rí i pé mo gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ níbẹ̀, tó ń gbọ̀n yẹ̀rìyẹ̀rì, kò sì ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́. Kí n gé e, tàbí kí n sọ ìdí rẹ̀? Mo sọ ìdí rẹ̀. Òjò ló ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀kọ ya ṣì wà níta, bí òjò bá sì bá a, ẹ̀kọ á ṣàn dànù. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ olùdarí mi ni ohun tí Màmá pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà, ìgbà àkọ́kọ́ tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀: "Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, wá gbé aṣọ!"