Sílàìdì Kejìlá Ló Yẹ Kó Ṣíwájú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó dán ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wò lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbọ́ pé, “Ó dáa, àmọ́ ó gùn díẹ̀.” Kí ni èèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ibo ló gùn sí? Kí ni kó yọ kúrò?

Bẹ́ẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Lọ́dún 1990, Elizabeth Newton, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà, ní kí àwọn kan fi ìka lu orin tí tẹrútọmọ mọ̀ sórí tábìlì, kí àwọn mìíràn sọ orin tó jẹ́. Àwọn tó ń lù ú rò pé ìdajì ni wọn yóò mọ̀. Nínú orin 120, mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀. Orin ń dún lọ́kàn ẹni tó ń lù ú. Kò-kò-kò lásán ni ẹnì kejì ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan n'Íbàdàn fẹ́ fi ìṣẹ́jú 15 sọ̀rọ̀ ní sẹ́mínà lórí bí èèpo pákí ṣe ń di oúnjẹ ewúrẹ́. Iṣẹ́ gidi ni. Àwọn onímọ̀ àjọ ILRI tó wà n'Íbàdàn ti fi hàn pé bí wọ́n bá rin èèpo tútù, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ ẹ́, tọ́ọ̀nù mẹ́ta á di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Sílàìdì 14 ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ní. Ìtàn pákí ló fi bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò òkìtì èèpo tó ń jẹrà lẹ́yìn ilé onígàrí wà ní ìkejìlá.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó tì í. Ọ̀kan mú aago dání, ó ń kọ ìṣẹ́jú tí sílàìdì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bó ṣe parí, kálukú dá kọ ohun tó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ kó mọ̀, àti nọ́ńbà sílàìdì tí ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọn lójú. Kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀ ni o! Bí ẹni tó gbójú jù bá ti lanu, àwọn yòókù á kàn máa mi orí ni.

Ìwé wọn nìyí. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Pákí ṣe pàtàkì ní Nàìjíríà,” èyí tí kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ rárá. Ẹnì kejì ní kó fi àlàyé sayanáìdì kún sílàìdì 9. Ẹnì kẹta ní tábìlì ibẹ̀ ò yé òun. Aago sì fi hàn pé ní ìṣẹ́jú keje, sílàìdì karùn-ún ló ṣì wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà sí bébà: nọ́ńbà sílàìdì, ohun tí wọ́n sọ gan-an, ohun tí yóò ṣe. Apá kẹta gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ̀rẹ̀: yọ, gbé, pín, tún kọ. Bí kò bá rí ọ̀kankan kọ síbẹ̀, kó padà lọ bi ẹni tó sọ ọ́.

Olùgbọ́ mọ ibi tó ti ń dun òun, àmọ́ oògùn tó júwe lè má bá àìsàn mu. Méjì ló kọsẹ̀ ní sílàìdì 9 láì gbìmọ̀ pọ̀, nítorí náà àyípadà di dandan. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó àlàyé sínú tábìlì olópòó mẹ́jọ yẹn, á tún burú sí i ni. Àìsàn náà wà níwájú: kò sọ níbì kankan pé sayanáìdì inú èèpo tútù lè pa ewúrẹ́. Gbólóhùn kan lára sílàìdì 3 ti tó. Òpó méjì ló fi sílẹ̀ nínú tábìlì, ìyẹn iye sayanáìdì ṣáájú àti lẹ́yìn fífún. Ó kó ìyókù sẹ́yìn sílàìdì ìkẹyìn, de ẹni tó bá béèrè.

Fún ètò wọn, ó kọ àkọlé kọ̀ọ̀kan sí bébà kékeré, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó sì kà wọ́n sókè láìsọ ohun mìíràn. “Ìfáàrà, Ọ̀nà Ìwádìí, Èsì” ò sọ nǹkan kan fúnni. Ó sọ wọ́n di gbólóhùn: “Èèpo ń jẹrà nígbà tí ewúrẹ́ ń wá oúnjẹ.” “Rírin àti fífún ń dín sayanáìdì kù.” Lójú ẹsẹ̀ ló hàn pé fọ́tò ìkejìlá ló yẹ kó ṣíwájú, àti pé sílàìdì ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè di ẹyọ kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ló kù. Bí sílàìdì bá ti kúrò nípò, “gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan” lè di irọ́, ìkékúrú orúkọ sì lè ṣáájú àlàyé rẹ̀. Ó ní láti bi sílàìdì kọ̀ọ̀kan tó gbé pé: kí ni eléyìí gbára lé, ṣé ó ti kọjá?

Kì í ṣe gbogbo àbá ló gbà. Ẹnì kan ní kó yí àwọ̀ búlúù padà, ó sì tún fẹ́ gbọ́ bí pákí ṣe ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Áfíríkà. Ìtàn yẹn dùn, àmọ́ kò kan ewúrẹ́.

Ẹni tuntun ló yẹ kó gbọ́ ìdánrawò kejì, nítorí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ẹni náà bá kọ ọ́ pé èèpo tí wọ́n rin tí wọ́n sì fún lè bọ́ ewúrẹ́ láìséwu, ètò ti tò nìyẹn. Bó bá tún kọ nǹkan mìíràn, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àtòpọ̀ sílẹ̀, kó yẹ ẹ̀rí tó kó wá wò.