Nígbà Tí Ọmọ Inú Kò Bá Yí Bíi Ti Tẹ́lẹ̀

Bó bá jẹ́ pé ọmọ inú yín kò yí rárá láti àárọ̀ ni ẹ ṣe mú ìwé yìí, ẹ má kà á tán. Ẹ dìde, ẹ mú káàdì yín, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ lè parí rẹ̀ níbi tí ẹ bá jókòó sí láti rí nọ́ọ̀sì.

Aboyún tí oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 28, ìyẹn bí oṣù keje, ni a kọ ọ́ fún. Ó kan ọkọ àti ìyá ọkọ náà, torí àwọn ló sábà máa ń wà nílé nígbà tí aboyún bá sọ pé, "Ọmọ yìí mà ò yí lónìí." Ìdáhùn tí wọ́n bá fún un lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ìyè tàbí ikú fún ọmọ náà.

Bí ọmọ ṣe ń yí, àti ìdí tó fi ń dákẹ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24 ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ọlẹ̀ sọ. Láti ìgbà náà ni yíyí rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32, yóò sì dúró síbẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ohun tó ń yí padà lóṣù tó gbẹ̀yìn ni irú yíyí náà. Àyè ti há fún ọmọ, kò lè ta bó ṣe ń ta tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ó máa mọ̀ ọ́n bíi kó ń na ẹsẹ̀, kó ń fi ìgúnpá ti ikùn, tàbí kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa wọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ iye ìgbà tó ń yí kò gbọdọ̀ dín kù. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló máa ń sọ pé ọmọ tó bá ti fẹ́ wáyé a máa dákẹ́ kó lè kó agbára jọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kódà nígbà tí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ le ṣì máa ń yí.

Ọmọ inú a máa sùn, lóòótọ́. Oorun rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ogún ìṣẹ́jú sí ogójì, ó sì ṣọ̀wọ́n kó kọjá wákàtí kan àtààbọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lo wákàtí méjì nígbà tí a bá ń kà: ọmọ tó kàn ń sùn yóò ti jí kí wákàtí méjì tó pé.

Kí ló wá ń mú ọmọ dákẹ́ ju oorun lọ? Inú ibi ọmọ àti ìwọ́ ni ọmọ ti ń rí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tó ń lò. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ lára, tàbí oyún tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ibi ọmọ ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ yóò dín kù. Ọmọ náà yóò wá máa ṣe bí ẹni tí epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń tán lọ, tó pa fáànù àti fíríìjì kí gílóòbù kan ṣoṣo lè máa tàn. Yóò dá apá àti ẹsẹ̀ dúró kí ìwọ̀nba tó kù lè dé ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀. Ọkàn ṣì ń lù ní àkókò yìí, ọmọ ṣì wà láàyè, a sì ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn ìyá tí ọmọ kú sí nínú, ó lé ní ìdajì tó sọ pé àwọn ti kíyè sí i ṣáájú pé yíyí ọmọ ti dín kù. Àkókò tó wà láàárín kíkíyèsí yẹn àti ikú ọmọ la fẹ́ kí ẹ lò. Gbogbo ewu kọ́ ló ń fún èèyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí ibi ọmọ bá já lójijì, ó lè má sí ìkìlọ̀ kankan.

Bí a ṣe ń kà á

Ẹ yan àkókò tí ọmọ yín máa ń yí jù. Fún ọ̀pọ̀ aboyún, ọwọ́ alẹ́ ni. Ẹ jẹun, ẹ lọ tọ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ fi ń rí ọ̀nà lọ dáadáa síbi ọmọ. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù jìnnà. Obìnrin tó wà lórí ìdúró, tó ń dáná tàbí tó ń dá oníbàárà lóhùn, lè má mọ ìgbà tí ọmọ yí rárá.

Ẹ kọ aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn káàdì. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ta, tó bá yí, tó bá nà, ẹ fa ìlà kan. Bó bá yí lẹ́sẹẹsẹ láìdúró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn títí yóò fi dúró. Òsúkè ọmọ, èyí tó máa ń lù léraléra lójú kan náà, a kì í kà á mọ́ ọn. Nígbà tí ìlà bá pé mẹ́wàá, ẹ tún kọ aago. Ọmọ púpọ̀ ni kì í pẹ́ tó wákàtí kan kó tó pé mẹ́wàá.

Bí ẹ bá ṣe èyí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ti mọ ìwà ọmọ tiyín. Ìwà yẹn ló ṣe pàtàkì ju iye mẹ́wàá lọ. Ọmọ tó máa ń pé mẹ́wàá láàárín ogún ìṣẹ́jú, tó wá ń lo wákàtí kan àtààbọ̀ lálẹ́ òní, ti yí ìwà padà, bí ìlà tilẹ̀ pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sọ pé dandan ni kí gbogbo aboyún máa kà lójoojúmọ́, àwa náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á láti mọ ọmọ yín, kí ẹ sì tún kà á nígbàkigbà tí ọkàn yín kò bá balẹ̀.

Ẹ lè gbọ́ pé wákàtí méjìlá ni wọ́n ń fún ọmọ láti yí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìlú Cardiff ní ilẹ̀ Wales ni ọ̀nà yẹn ti jáde ní 1976. Wákàtí méjìlá ti pẹ́ jù fún ọmọ tí ara ń ni.

Alẹ́ ọjọ́ kan

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ, tí oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35. Lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ rẹ̀ máa ń pé mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú 25. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, bó ṣe ń tú gèlè, ó rí i pé òun kò rántí ìgbà tí ọmọ yí láti àárọ̀. Ó dùbúlẹ̀ ní aago 8:10. Ẹ̀ẹ̀kan ló ti yí nígbà tí aago fi máa lu 8:35, kò sì lágbára. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé mọ́ọ̀tì tútù fún un: "Mu ún, ìyàwó mi, á ta jí." Ó mu ún. Nígbà tó di 10:10, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ọmọ yí.

Mọ́ọ̀tì tàbí omi tútù kì í ṣe ìtọ́jú. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ mu, àmọ́ ẹ má fi dúró. Bákan náà ni àgbo. Àdúrà dára, ẹ gbà á lójú ọ̀nà. Ní ti obìnrin yìí, kò tilẹ̀ yẹ kó dúró dé 10:10. Nígbà tí 8:35 ti kọjá dáadáa tí ọmọ tó ń yára kò tíì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ti tó kó dìde.

Ọkọ rẹ̀ pe oníkẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ìjọba, ó sọ ọ́ ní tààrà: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oyún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35. Ọmọ ò yí bó ṣe máa ń yí. Mo kà á fún wákàtí méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yí." Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá sọ pé "ara mi ò yá" lè jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó jẹ́ 150 lórí 100, bẹ́ẹ̀ ó dára nígbà tó wá kẹ́yìn. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ń lù láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan bó ṣe yẹ. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ikùn rẹ̀ fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù sórí pépà. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ọkàn yẹn ń yára díẹ̀ nígbà tí ọmọ bá yí, torí ọkàn tó ń lù lójú kan ṣáá lè jẹ́ ti ọmọ tó ti ń rẹ̀. Wọ́n tún ṣe síkáànù láti mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà dáadáa, bóyá omi tó yí i ká sì tó. Wọ́n dá obìnrin náà dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń ṣọ́ ọmọ. Bí pépà yẹn bá burú, wọ́n lè pinnu láti gbé ọmọ jáde lóru yẹn.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbà pé gbígbọ́ ọkàn nìkan ti tó. Ilé ìwòsàn kékeré míì kò ní ju ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn lọ. Bí wọ́n bá ní "ọkàn ọmọ ń lù, ẹ máa lọ sílé," ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn kan ń rà láti fi gbọ́ ọkàn ọmọ nílé burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń ṣàn ni èèyàn lè máa gbọ́, kó sì fọkàn balẹ̀.

Ìgbà tí kò sí ohun tí a ń kà

Bí ọmọ kò bá yí rárá, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí omi bá ti já, bí ikùn bá le gbagidi pẹ̀lú ìrora tí kò dúró, tàbí bí orí bá ń fọ́ yín gan-an tí ojú sì ń ṣú, ẹ má dùbúlẹ̀ ka nǹkan kan. Ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ má sì sọ pé ibi ọmọ tó wà níwájú ikùn ló fà á. Ó lè má jẹ́ kí ẹ tètè máa mọ yíyí ọmọ ní oṣù ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28 ẹ ti mọ ìwà ọmọ yín. Bó bá yàtọ̀ sí i, ẹ lọ.

Nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan nítorí pé yíyí ọmọ dín kù, bíi méje ni oyún wọn máa ń lọ ní àlàáfíà. Wọ́n lè dá ẹ̀yin náà padà sílé lóru yẹn. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún padà wá lọ́jọ́ kẹta yẹn, ẹ sì sọ fún wọn pé ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí, torí ọmọ tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ń fẹ́ àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.