Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Tó Ti Rẹ̀ Kọ́kọ́ Gbọ́ ní Òtẹ́ẹ̀lì

Láti Akra dé Tamale, ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, tó nǹkan bí 600 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì lálẹ́, tí ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn lọ́nà. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi máa dé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kanvili, àdúgbò kan ní apá àríwá ìlú náà, ẹsẹ̀ á ti wú, oorun á sì kún ojú rẹ̀. Kí ló yẹ kí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ìgbàlejò kọ́kọ́ sọ fún un?

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé: “Ṣé ẹ ti gba yàrá sílẹ̀?” Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ kò tíì yá. Létí ẹni tó ti rẹ̀, ṣe ló máa dà bíi pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà.

Ẹ kí i, ẹ fún un lómi

Àwọn Dagomba tó ni ilẹ̀ Tamale mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á sọ fún àlejò pé “Maraaba,” ìyẹn ẹ káàbọ̀, àlejò á dáhùn pé “Naa.” Wọ́n á gbé omi wá. Ìgbà tó bá mu omi tán ni wọ́n á tó béèrè ohun tó gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá.

Torí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ lè jẹ́: “Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jókòó, omi ń bọ̀.” Kò sí èyí tó gba ìrònú níbẹ̀. Ẹ má sọ pé, “Ó mà ti rẹ̀ yín o!” Ọ̀nà tó rìn ni kí ẹ kí i fún, kì í ṣe bójú rẹ̀ ṣe rí. Tó bá sì jẹ́ èdè Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn, tẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ, èdè yẹn ni kí ẹ máa bá a sọ lọ.

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yàrá

Ohun tó wà lọ́kàn àlejò kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé màá rí ibi sùn, ìgbà wo sì ni? “Yàrá yín ti wà nílẹ̀. Orúkọ yín àti káàdì ìdánimọ̀ yín nìkan la nílò báyìí.” Tó bá jẹ́ ará ilẹ̀ òkèèrè, ìwé ìrìnnà rẹ̀ lẹ máa béèrè. Ẹ kọ aago oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀rọ̀ Íńtánẹ́ẹ̀tì sórí bébà fún un, torí kò ní rántí tẹ́ ẹ bá kà á sí i létí. Àmọ́ tí iná bá ti lọ tàbí tí omi ò yọ, ẹ sọ fún un kó tó gbé ẹrù wọlé.

Ẹ má pe nọ́ńbà yàrá sókè létí àwọn tó wà níbẹ̀, pàápàá fún obìnrin tó dá rìn. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì nà án sí i.

Tí yàrá ò bá tíì ṣófo ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì dé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Aago méjì ọ̀sán ni yàrá wọn bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì ṣì wà níbẹ̀. “Aago méjì la máa ń gba àlejò” jẹ́ òótọ́, àmọ́ ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó sàn kí òṣìṣẹ́ náà sọ pé: “Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Orúkọ yín wà níbí. Aago mọ́kànlá lẹni tó wà níbẹ̀ máa jáde, yàrá yín á sì ti wà ní mímọ́ láago méjìlá. Ní báyìí, balùwẹ̀ nìyí, a máa bá yín tọ́jú ẹrù, àwọn ọmọ sì lè sùn sórí àga gígùn yìí.”

Kó tó dárúkọ aago méjìlá, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tún yàrá ṣe. “Láìpẹ́” kì í ṣe aago. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún á máa pa dà wá béèrè ṣáá ni. Tí yàrá míì bá ṣófo, àmọ́ tí owó máa lé sí i, iye náà ni kí wọ́n sọ kí wọ́n tó na kọ́kọ́rọ́.

Ẹ wo báàgì tó gbé kọ́ èjìká. Tó bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Tó bá ṣì wà léjìká, tó tún ń béèrè pé, “Yàrá wà ṣá?”, kò tíì gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ yàrá sọ fún un.